Ohun Tí Ariwo Kétu Ṣe

"Ìgbà mọ́kànlélógójì ni o kọ 'ariwo' sínú ìtàn yìí," ni Aunty Dorothy, olóòtú ìwé tí ọ́fíìsì wọn wà ní Òjóta, sọ fún mi. "Kò sì ṣe nǹkan kan rí. Bí mo bá gbé Kétu kúrò, tí mo gbé abúlé kan síbẹ̀, kí ló máa yí padà?"

Ọdún mẹ́ta ti kọjá tí mo ti gboyè, tí mi ò ríṣẹ́. Ìwé yìí nìkan ni mo rí ṣe. Wọ́n ní kí n tún orí kẹrin kọ, kí n mú un wá lọ́sàn-án ọ̀la, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ìwé ẹlòmíràn ni wọn yóò tẹ̀. Mo dúpẹ́, mo sì rọra ti ilẹ̀kùn wọn. Ẹni tó bá gbá ilẹ̀kùn ti fi ìbínú rẹ̀ ṣòfò.

Ní aago méje ìrọ̀lẹ́, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi ní Kétu. Jẹnẹrétọ̀ mọ́kànlá ló ń bú nínú ọgbà wa. Níbẹ̀, ariwo ni ògiri: ẹni tó bá fẹ́ sọ àṣírí, kíké ni yóò ké e, aládùúgbò kò sì ní gbọ́. Uncle Ràímì, télọ̀ wa, bẹ̀rẹ̀ mọ́ etí Cecilia tó ń ta káàdì ìpè, ó ń ké. Mo rò pé ọ̀rọ̀ aṣọ ni.

Lójijì ni iná dé. Àwọn ọmọdé pariwo "Up NEPA!", oníkálùkù sáré pa jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀. Nígbà tí èyí tó kẹ́yìn dákẹ́, ohùn kan ṣoṣo ló kù:

"LÁTI ỌDÚN TÓ KỌJÁ NI MO TI FẸ́ FẸ́ Ọ, MI Ò KÀN LẸ́NU TÍ MO FI MÁA SỌ Ọ́ NI!"

Gbogbo ọgbà yíjú sí wọn.

"Ẹnu wo ló tún kù, Uncle Ràímì?" Mummy Testimony, aládùúgbò wa, dáhùn láti ilé ìdáná. "Àwọn ará Magodo pàápàá ti gbọ́!"

Ẹ̀rín bú jáde. Ràímì fẹ́ sá, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ṣoṣo ló jáde, èrò tó wá pa jẹnẹrétọ̀ sì ti dí i.

"Ẹ padà wá," Cecilia wí. "'Bẹ́ẹ̀ ni' ni mo sọ. Kì í ṣe tìtorí àwọn olófòófó wọ̀nyí o!"

Mo wọlé. Ariwo ti bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀; ìdákẹ́ rẹ̀ ti tú u síta; èrò ti dí ọ̀nà mọ́ ẹni tó fẹ́ sá. Kò sì sẹ́ni tó ní láti sọ fún mi pé ibẹ̀ kún fún èrò. Mo fa igi lé ogójì "ariwo" lórí. Mo fi ìjẹ́wọ́ olólùfẹ́ inú ìwé mi sábẹ́ ìró jẹnẹrétọ̀, mo sì mú iná dé.

Lọ́jọ́ kejì, Aunty Dorothy kà á tán.

"Ta ló tú àṣírí ọkùnrin yìí?"

"Kétu ni, mà."

"Ká ní abúlé ni ńkọ́?"

"Á sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Obìnrin náà á ní òun máa rò ó. Ìtàn tán."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n mú bírò, wọ́n kọ "ó yá fún títẹ̀" sókè ìwé náà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tọ́ka sí ojú ìwé kan. "O ṣì fi 'ariwo' kan sílẹ̀ níbí."

"Ìyẹn ń ṣiṣẹ́, mà," mo wí. "Èmi nìkan ni mi ò tíì ríṣẹ́."