Ọmọ Paríìsì Nídìí Ọpọ́n Ayò

Ẹni tó bá fẹ́ rí ìbínú mi, kó kàn kí ọmọ mi ní èdè Faransé. Paríìsì ni mo bí Ìdùnnúolúwa sí. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́fà kí èmi àti bàbá rẹ̀, Gideon, tó kó o wá sílé ní Ìlaró. Mo rò pé kò ní pẹ́ tí Yorùbá yóò fi yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Mo gbàgbé pé ẹ̀gbẹ́ ibodè la wà. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá ti ra ìrẹsì lẹ́ẹ̀mejì ní Kútọnu ti di ọ̀mọ̀wé Faransé. Bí ọmọ mi bá ti yọjú, "Bọ́njúù! Sàfá?" ni gbogbo àdúgbò. Ẹ̀gbọ́n mi Lukman, tó ń ta aṣọ ní Tube létí ibodè, ló burú jù nínú wọn.

Ọjọ́ tí a lọ kí bàbá mi ní Joga-Orílé ló wá dùn mí jù. Bàbá Ọdẹkúnlé ti lé lọ́gọ́rin ọdún, Yorùbá nìkan ni wọ́n gbọ́. Wọ́n bi ọmọ ní ìbéèrè, Ẹ̀gbọ́n Lukman túmọ̀. Ọmọ dáhùn, ó tún túmọ̀. Ṣàdédé ni Bàbá dìde.

"Ọmọ ọmọ mi rèé, ẹ wá sọ ọ́ di àlejò ìjọba fún mi! Ẹ máa mú un lọ. Ọjọ́ tó bá lè bá mi sọ̀rọ̀, kó padà wá."

Wọ́n wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Mo sunkún títí a fi dé Ìlaró. Àgbà ò dúró de ẹnì kan, ẹ̀rù sì ń bà mí kí Bàbá má lọ kí wọ́n tó mọ ọmọ mi.

Bí a ṣe délé, mo gbé Ìdùnnú jókòó bí olùkọ́. "Kí lèyí? Kí nìyẹn?" Ó kàn ń wo ẹnu mi, ó pa tirẹ̀ dé.

Gideon ní, "Àṣìkẹ́, ṣé báyìí ni màmá ẹ ṣe kọ́ ìwọ náà?"

Inú bí mi, àmọ́ òótọ́ ló sọ. Màmá mi ò jókòó kọ́ mi ní nǹkan kan. Wọ́n ń wẹ̀ fún mi, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ni.

Ni èmi náà bá bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìwẹ̀. "Gbé apá sókè. Ó yá, ẹsẹ̀ ọ̀tún." Ọ̀rọ̀ kan náà láràárọ̀, pẹ̀lú ọṣẹ lójú. Nígbà tó yá, mo mọ̀ọ́mọ̀ dákẹ́ lẹ́yìn ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ìdùnnú wò mí bí ẹni tó gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀, ó ní, "Ẹsẹ̀ òsì ńkọ́?" Díẹ̀ ló kù kí n ju kàn-ìn-kàn-ìn sókè! Nídìí oúnjẹ, òun là ń fún ní ṣíbí ọbẹ̀. Èmi àti Gideon á máa bẹ̀ ẹ́ kó fi ẹran kún un, òun á fajú ro, á ní, "Ó ti tó yín."

Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ayò ni. Ẹni tó ń ta gbọ́dọ̀ ka ọmọ ayò sókè bó ṣe ń jù wọ́n sínú ihò. Ẹni tó bá sọ Faransé nídìí ọpọ́n, ó ti sọ àyè rẹ̀ nù nìyẹn, ẹnìkejì á tún ta. Ẹ̀gbọ́n Lukman wá ta lọ́jọ́ kan, "sàfá" rẹ̀ ò jẹ́ kó jẹ ọmọ ayò kankan. Bẹ́ẹ̀, nínú ayò, ọ̀ta lẹni tó borí, òpè lẹni tó fìdí rẹmi, ọ̀ta sì láṣẹ láti fi òpè ṣe yẹ̀yẹ́ bó ṣe wù ú. Yẹ̀yẹ́ yìí dùn mọ́ ọmọ mi ju súìtì lọ.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, a padà sí Joga-Orílé. Mo ti kọ́ ọ ní ìkíni rẹpẹtẹ, àmọ́ bó ṣe kúnlẹ̀, gbogbo rẹ̀ fò lọ. "Ẹ káàsán" kékeré kan ló jáde. Bàbá ń wò ó. Ẹ̀gbọ́n Lukman fẹ́ lanu, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ìdùnnú rí ọpọ́n ayò lábẹ́ bẹ́ńṣì.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká ta ayò."

Bàbá gbé ọpọ́n jáde. Ojú ọmọ ni wọ́n ń wò, wọn ò wo ihò. Ìdùnnú kó ọmọ ayò, ó ń jù wọ́n, ó ń kà wọ́n sókè. Èyí tó kẹ́yìn bọ́ sínú ihò Bàbá, ó di mẹ́ta níbẹ̀, iye tó ṣeé jẹ.

"Mo jẹ ẹ́!" Ó fò sókè, ó nàka sí wọn. "Bàbá, òpè ni yín! Ẹ ò mọ ayò ta rárá!"

Ta ló tó pe Bàbá Ọdẹkúnlé ní òpè? Mo na ọwọ́ láti fa ọmọ létí, Bàbá gbá ọwọ́ mi kúrò.

"Ìwọ ọmọ yìí, èmi ni òpè?"

"Ẹ̀yin ni! Ẹ tún un ta, màá tún jẹ yín."

Bàbá bú sẹ́rìn-ín títí omi fi ń jáde lójú wọn. Wọ́n gbá ọmọ mọ́ra, wọ́n kọjú sí ilé kejì, wọ́n figbe pe aládùúgbò wọn:

"Mẹ̀dínátù! Mẹ̀dínátù o! Sáré wá gbọ́ ọmọ ọmọ mi, ó ń bú mi ní Yorùbá!"