Ọ̀rọ̀ Tí Bísíríyù Fi Ṣí Ìpàdé Ọlọ́ṣẹ

Inú ń bí Bísíríyù kí ìpàdé yẹn tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ẹ̀rín ló fi bá àwọn ènìyàn rẹ̀ sọ̀rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, irọ́ gbuu ni.

Òun ni olórí àwọn tó ń tajà fún ilé-iṣẹ́ ọlọ́ṣẹ kan tó ní sítọ́ọ̀ lẹ́bàá omi ní Ìkòròdú. Mẹ́ta péré ni wọ́n lábẹ́ rẹ̀. Sàlísù ló ni Ìkòròdú títí dé Itamaga. Síkírù, tí í ṣe ọmọ Ẹ̀pẹ́, ni wọ́n fi sí Ẹ̀pẹ́. Morìnsọ́lá ní tiẹ̀, àárín ọjà ni wọ́n máa ń gbé e sí pẹ̀lú bàsíà omi, á máa fọ aṣọ ìdọ̀tí lójú gbogbo ayé kí wọ́n lè rí bí ọṣẹ náà ṣe ń hó. Láti oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án ọdún 1956, ọjà dẹnu kọlẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́. Sàlísù ti ń wáṣẹ́ kiri lọ́dọ̀ àwọn ọlọ́ṣẹ mìíràn. Morìnsọ́lá kì í pariwo ọjà mọ́, á kàn máa fọ aṣọ bíi pé aṣọ ilé rẹ̀ ni. Síkírù kò lè wo ojú ẹnikẹ́ni.

Kí ló fà á? Èènì ni! Ọṣẹ gbọọrọ ni wọ́n ń tà, inú àpótí onípákó ló ń wà. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé Ẹ̀pẹ́, ìyá ọlọ́jà tó bá ra odindi àpótí, Síkírù á fi ọ̀bẹ gé ọṣẹ lé e fún un. Èènì yẹn náà ni ìyá ọ̀hún á tún gé wẹ́wẹ́ fún àwọn oníbàárà tirẹ̀ tí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi wá láti abúlé. Àfi bí àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ní Èkó ṣe pàṣẹ lọ́jọ́ kan pé òfò ni, kí ẹnikẹ́ni má gé ọṣẹ fún ẹnikẹ́ni mọ́. Hàà! Ṣé ẹ rí ọ̀rọ̀? Ìyá tí kò rí èènì gbà kò rí èènì fúnni, àwọn oníbàárà rẹ̀ sì gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ. Kò pẹ́ tí àwọn ìyá náà fi pa ọṣẹ tì.

Èkó wá rán Ọ̀gbẹ́ni Tìrìmísíyù, ọ̀gá àgbà lórí ọjà títà, wá sí ìpàdé. Ó fa Bísíríyù sí abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí wọ́n tó wọlé.

"Ìwọ lo máa ṣí ìpàdé," ó ní. "Sọ ọ̀rọ̀ tó máa fún wọn lọ́kàn. Àmọ́ kọ́kọ́ dójú ti Síkírù ná, kí àwọn yòókù lè gbọ́n. Tí o bá parí tí mi ò rí i pé ara wọn yá gágá, màá lé Síkírù lọ lónìí."

"Ọ̀gá, kí n dójú tì wọ́n, kí n tún fún wọn lọ́kàn? Báwo nìyẹn ṣe fẹ́ ṣeé ṣe?"

"Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Má bá mi jiyàn."

Bísíríyù gbé e mì, ṣùgbọ́n kò dà. Síkírù ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó. Ọmọ tó dáa ni, bí wọ́n ṣe ní kó ṣe ló ṣe, òun ni wọ́n sì fẹ́ fi ṣe ẹran iléyá.

Wọ́n jókòó lórí àpótí ọṣẹ. Tìrìmísíyù gba àga kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀. Bísíríyù dìde.

"Ẹ káàárọ̀ o. N kò ní pẹ́. Oṣù mẹ́ta tó kọjá burú, n kò sì ní fi iyọ̀ sí i. Ẹ̀pẹ́ kò tà tó ìdajì ohun tó ń tà tẹ́lẹ̀. Ìkòròdú náà kò sàn. Ẹ mọ̀, èmi náà mọ̀." Tìrìmísíyù wúkọ́. "Síkírù, dìde!"

Síkírù dìde. Morìnsọ́lá gbójú sílẹ̀.

"Ta ló kọ́ ọ ní ọjà títà?"

"Ẹ̀yin ni, Ọ̀gá."

"Tí ìyá kan bá ra odindi àpótí, kí ni mo ní kó o ṣe?"

Síkírù wo ẹ̀gbẹ́ Tìrìmísíyù.

"Èmi ni mo bi ọ́! Má wo ibẹ̀ yẹn!"

"Ẹ ní kí n gé èènì lé e."

"Ta ló wá ní kó o má gé e mọ́?"

Ojú Síkírù tún yà sí ẹ̀gbẹ́ Tìrìmísíyù.

"Jókòó. O ò jẹ̀bi. Àwa la jẹ̀bi. Èkó pàṣẹ, èmi ni mo gbé àṣẹ náà fún yín, n kò jiyàn, n kò jà. Láti ìgbà yẹn ni inú ti ń bí mi sí ara mi!" Ohùn rẹ̀ ti ga. "Ẹ wá jókòó síbí bíi pé ẹ ò mọ iṣẹ́! Ta ló gbé ọṣẹ yìí wọ Ẹ̀pẹ́ nígbà tí ẹnikẹ́ni ò mọ orúkọ rẹ̀? Ṣé kì í ṣe Síkírù yìí ni? Morìnsọ́lá, ta ló fọ aṣọ apẹja tó ń rùn gùẹ̀, tí gbogbo ọjà fi pàtẹ́wọ́? Sàlísù, ta ni àwọn ará Itamaga ń bi léèrè tí o kò bá wá? Kí ló kúrò lọ́wọ́ yín? Èènì nìkan ni! Òní ni ọjà Ẹ̀pẹ́. Gbogbo wa là ń lọ. A ó bẹ àwọn ìyá wọ̀nyẹn, a ó gé èènì wọn, a ó sì bẹ̀rẹ̀ látorí ẹni kan ṣoṣo tó bá dá wa lóhùn."

Tìrìmísíyù fò dìde. "Ta ló fún ọ láṣẹ?"

"Kò sẹ́ni tó fún mi! Ẹ̀yin ẹ lọ dúró sí Ẹ̀pẹ́ kí ẹ tà á láìsí èènì ká rí yín! Ẹ jókòó sí Èkó, ẹ gé ọwọ́ wọn, ẹ tún ń bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò di nǹkan mú!"

Sàlísù ló kọ́kọ́ dìde, ó gbé àpótí tó jókòó lé. "Ọ̀gá, ṣé ká máa kó o sí mọ́tò?" Morìnsọ́lá ti ń wá bàsíà rẹ̀, ó sì ń pariwo ọjà lábẹ́ ahọ́n bí ẹni tó ń dán ohùn wò.

Tìrìmísíyù kì í ṣe òmùgọ̀. Ó wò wọ́n, ó wò wọ́n.

"Ẹ máa gé èènì yín," ó ní. "Títí ìparí ọdún, ká wò ó. Síkírù wà lẹ́nu iṣẹ́. Àmọ́ ìwọ, Bísíríyù, o kò lè bú mi lójú àwọn ọmọ iṣẹ́ kí n sì tún máa pè ọ́ ní olórí wọn. Kó kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, kó o máa lọ sílé."

Bísíríyù yọ kọ́kọ́rọ́ lápò, ó là á mọ́lẹ̀ gbàà.

"Bí Ọ̀gá Bísíríyù ò bá lọ sí Ẹ̀pẹ́, èmi náà ò lọ," Síkírù sọ, ó gbé àpótí ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Ibẹ̀ ni inú wá bí Bísíríyù jù. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé orí ẹ dàrú ni? Nítorí kí ni mo ṣe ń pariwo láti àárọ̀? Gbé àpótí yẹn kí n tó gbá ọ létí!"

Síkírù gbé e. Omi ń dà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbé e. Wọ́n kó ọjà sí mọ́tò, wọ́n gùn ún, mọ́tò ṣíná. Bísíríyù sáré tẹ̀ lé wọn dé ojú títì.

"Ẹ gé e kó nípọn o!" ó ń ké. "Ẹ má ṣahun! Ẹ má bà mí lórúkọ jẹ́ ní Ẹ̀pẹ́!"

Morìnsọ́lá juwọ́ sí i. Mọ́tò yà, wọn ò rí i mọ́. Bísíríyù ń kùn síbẹ̀, ó yíjú padà láti lọ kó àwọn àpótí tó ṣẹ́kù jọ bó ṣe máa ń ṣe. Ó ti fọwọ́ kan ilẹ̀kùn sítọ́ọ̀ kó tó mọ̀ pé Tìrìmísíyù ti tì í láti inú.