Lẹ́tà Tí Alájì Gbé Kọ́ Ògiri

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kó yé yín: èmi Tọ̀yìbátù kì í ṣe oníjà. Ẹni tó bá jẹ mí lówó nìkan ló máa ń rí ìjà mi.

Ìlọrin ni wọ́n ti bí bàbá mi, Yantala níbí, nílẹ̀ àwọn tó ń fi Faransé ṣe ìwé ìjọba, ni wọ́n bí èmi sí. Kọ̀ǹpútà ni mo fi ń ya pátákó, àmì ọjà àti àpò ìtajà fún àwọn oníṣòwò. Mi ò ní ọ̀gá, mi ò sì ní owó oṣù. Yàrá kékeré kan ni mo háyà tí mo ti ń ṣiṣẹ́, onílé sì ti lérí pé bí òun ò bá rí owó oṣù mẹ́ta tí mo jẹ kí oṣù yìí tó parí, òun á kó ẹrù mi síta. Ìyá mi ní kò burú, àwọn ti fi àga kan sílẹ̀ fún mi nídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata. Ata! Èmi!

Owó yẹn ò sì jìnnà o, ọwọ́ Alájì Sàláúdéènì ló wà. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, aṣọ ló ń tà ní àdúgbò Kalley. Ó ní kí n ya àgbò kan tó máa jẹ́ àmì ṣọ́ọ̀bù òun, kí n fi í sára pátákó àti àpò. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́jọ sẹ́fà, owó ibí, la jọ buwọ́ lù nínú ìwé àdéhùn. Ó san ọgọ́ta ẹgbẹ̀rún ṣáájú. Mo parí iṣẹ́, mo fún un ní fákítù, ìyẹn ìwé tí a fi ń bèèrè owó iṣẹ́, fún ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rùn-ún tó kù. Ó gbé pátákó kọ́ síta, ó ń fi àpò di aṣọ fún oníbàárà, ó wá ní òun ò san mọ́.

“Ṣebí kọ̀ǹpútà ló yà á, ọmọ mi?” ló wí. “Ìwọ kàn ń tẹ̀ ẹ́ ni. Ọmọ ilé kan náà kọ́ ni wá ni?”

Nígbà tí mo lọ lẹ́ẹ̀kejì, ó ní àgbò yẹn rù. Ìgbà kẹta, ó fún mi ní bisáàpù tútù, ìyẹn omi ìṣápá, ó sì ṣàdúrà pé kí n rí ọkọ rere. Mo mu bisáàpù náà, mo sì padà sílé lọ́wọ́ òfo.

Nurain, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ló là mí lójú. Akọ̀wé ni lọ́dọ̀ wísíyé, ìyẹn àwọn tó máa ń jíṣẹ́ ìwé ẹjọ́ fúnni. Ó ní ká tó sọ̀rọ̀ kóòtù, lẹ́tà la kọ́kọ́ ń kọ, ní Faransé. Mo jókòó, mo kọ ojú ìwé mẹ́ta. Nurain kà á, ó bú sẹ́rìn-ín.

“Yọ ‘olè’ kúrò. Yọ ‘ọ̀bàyéjẹ́’ kúrò. Kí lo wá fi ọ̀rọ̀ irùngbọ̀n rẹ̀ ṣe níbí?”

Ó ní kí n kọ ọjọ́ àdéhùn, nọ́ńbà fákítù, ọjọ́ tí mo kó iṣẹ́ fún un, iye tó san àti iye tó kù. Kí n fún un ní ọjọ́ mẹ́jọ láti ọjọ́ tó bá gba lẹ́tà. Bí kò bá san, mo máa gbé e lọ sí kóòtù. Ẹ̀dà méjì la máa tẹ̀: ọ̀kan fún un, ó máa buwọ́ lu ìkejì, kó má baà sọ lọ́la pé òun ò rí lẹ́tà kankan.

Ibi tí mo ti ṣì í ṣe rè é. Ẹ̀yin ará mi, ọwọ́ mi ò lè gbé ìwé tí kò dáa jáde. Mo fi ìlà aláwọ̀ wúrà yí etí rẹ̀ ká. Mo gbé àgbò Alájì sókè gàgà kí wọ́n lè rí iṣẹ́ tí mo ń bèèrè owó rẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé tó nípọn, mo sì fi òǹtẹ̀ pupa lù ú. Ó dùn ún wò débi pé mo fẹ́ràn rẹ̀ ju àwọn iṣẹ́ tí wọ́n ti sanwó rẹ̀ lọ.

Nurain wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó so táì, ó gbé e lọ. Èmi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, ẹgbẹ́ àwọn aláṣọ ti ṣèlérí ìwé ẹ̀yẹ fún ẹni tí pátákó rẹ̀ bá dára jù. Alájì ò gbọ́ Faransé. Hausa àti Zarma ló fi ń tajà, Lárúbáwá ló ń kà. Ó rí táì, ó rí wúrà, ó rí àgbò rẹ̀.

“Kí ni èyí, ọmọ mi?”

“Lẹ́tà ni, lórí pátákó yín,” ni Nurain dáhùn. Irọ́ kọ́ ni o.

“Alihamudulilahi! Ìwé ẹ̀yẹ mi ti dé!” Alájì buwọ́ lu ẹ̀dà kejì, ó kọ déètì sí i, ó gbé òǹtẹ̀ tirẹ̀ lé e, ó tún fún Nurain ní ẹgbẹ̀rún kan sẹ́fà owó ọkọ̀. Mo bi Nurain pé kí ló dé tí kò ṣàlàyé. Ó ní, “Ó ti buwọ́ lù ú. Kí ni mo tún ń rojọ́ fún?”

Ní ọjọ́ keje, ara mi ò gbà á mọ́, mo gba Kalley lọ. Yéè! Lẹ́tà mi wà nínú férémù onígíláàsì, lókè orí Alájì. Kò sí oníbàárà tó wọlé tí kò ní nàka sí i fún. Bí mo bá sọ òtítọ́, á fa lẹ́tà ya, á ní a tan òun buwọ́ lù ú, ọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí mo bá dákẹ́, onílé ò ní dákẹ́. Mo jókòó sórí àga àwọn oníbàárà.

Ìgbà yẹn ni Màdáàmù kan tó ń kọ́ni níléèwé wọlé. Aṣọ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ ló fẹ́ rà, ó ti ka owó àsansílẹ̀ sọ́wọ́. Alájì ní kó wo ògiri ná. Obìnrin náà wọ awò ojú, ó kà á délẹ̀, ó sì rọra dá owó rẹ̀ padà sínú báàgì.

“Alájì,” ó fi Hausa sọ ọ́, gbogbo ṣọ́ọ̀bù sì gbọ́, “ìwé yìí ní ẹ jẹ oníṣẹ́ ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rùn-ún, ẹ ò san. Ọ̀la ló ní ẹ máa dé kóòtù. Ṣé ọwọ́ yín ni kí n fi owó mi sí?”

Alájì wo ògiri, ó wò mí.

“Tọ̀yìbátù! O dójú tì mí nínú ṣọ́ọ̀bù mi!”

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, èmi ni mo kọ ọ́. Ẹ̀yin lẹ gbé e kọ́.”

Ẹ̀rín bú jáde káàkiri. Alájì náà fẹ́ bínú, àmọ́ Màdáàmù ti kọrí sí ẹnu ọ̀nà. Ó sáré ṣí dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ó ka àádọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún sí mi lọ́wọ́ lójú obìnrin náà. Mo kọ “Ó ti san” sórí fákítù, mo buwọ́ lù ú, Màdáàmù tún ṣí báàgì rẹ̀. Mo fẹ́ sunkún. Ìyá mi máa wá ẹlòmíràn tó máa lọ ata.

Mo ti dìde nígbà tí Alájì pè mí padà. Ó rẹ ohùn sílẹ̀.

“Àlíyù kan wà ní Gamkalley. Ọdún méjì rèé tó ti gba aṣọ lọ́wọ́ mi, kò tíì san kọ́bọ̀. Èló lo máa kọ irú rẹ̀ fún un?”

“Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún, sà. Ìdajì ṣáájú.”

Kò ná an. Ó ka ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá lé mi lọ́wọ́, ó gbójú sókè wo férémù náà, ó mí kanlẹ̀.

“Ṣùgbọ́n, ọmọ mi,” ó ní, “má jẹ́ kó lẹ́wà jù.”