Bàlúùn Tí Kò Láyè Nínú Ìwé

Kí ẹ tó bú olùkọ́ sáyẹ́ǹsì yìí, ẹ gbọ́ tẹnu mi ná. Obìnrin náà kì í ṣe ọ̀lẹ. Kíláàsì àwọn ọmọ tí Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ̀ lẹ́nu ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́, àwọn ọmọ tí wọ́n lè fi Yorùbá ṣàlàyé bí omi ṣe ń di yìnyín títí á fi sú olùgbọ́, ṣùgbọ́n tó o bá ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á kàn di bírò mú lásán ni. Bẹ́ẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni ìdánwò. Ìjábọ̀ láàbù tí kò bá yé olùyẹ̀wò, kò sí máàkì fún un.

Ló bá jókòó, ló ṣe ìwé alálàfo fún wọn, ojú ewé kan péré. Ó ti bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn sílẹ̀ nínú ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan, ọmọ á wá fi ọ̀rọ̀ tiẹ̀ parí rẹ̀. Ti ìbẹ̀rẹ̀ sọ pé: "Mo rò pé tí... bá pọ̀ sí i,... yóò... nítorí pé..." Ti àárín sọ pé: "A fi... wọn... A kò yí... padà." Ti ìparí sọ pé: "Bí... ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni... ń pọ̀ sí i. Èyí fi hàn pé ohun tí mo rò tọ̀nà, nítorí pé..." Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ẹ̀ o, èmi ni mo ń fi Yorùbá pè é fún yín.

Ìwé yẹn sì ṣiṣẹ́, ẹ má jẹ́ ká parọ́. Àwọn ọmọ tí kì í kọ ju ìlà kan lọ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ojú ewé kún. Èyí tó gbọ́n jù nínú wọn ni ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Abẹ́rẹ́, torí pé ó tín-ín-rín, ojú ẹ̀ sì mú. Ìjábọ̀ tiẹ̀ ni wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́ sí olùyẹ̀wò. Tó bá yege, Abẹ́rẹ́ á bọ́ sí kíláàsì sáyẹ́ǹsì àgbà, níbi tí wọ́n ti ń mú àwọn tó máa kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Tí kò bá yege, ó parí nìyẹn, nítorí ọjọ́ orí ẹ̀ á ti kọjá ohun tí wọ́n ń gbà lọ́dún tó ń bọ̀. Ìyá ẹ̀ tó ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì nílé ìwòsàn ti ń dáhùn sí "Ìyá Nọ́ọ̀sì" lẹ́nu iṣẹ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe iṣẹ́ náà, wọ́n pe olùkọ́ sí ìpàdé, olùtọ́jú láàbù ló dúró ti àwọn ọmọ. Yíìsì ni wọ́n lò, èyí tí àwọn oníbúrẹ́dì fi ń mú ìyẹ̀fun wú. Wọ́n pò ó mọ́ ṣúgà àti omi nínú ìgò, wọ́n fi bàlúùn dé ẹnu ìgò kọ̀ọ̀kan, wọ́n gbé ọ̀kan sínú omi tútù, ọ̀kan sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ọ̀kan sínú omi tó gbóná débi pé ọwọ́ ò lè dúró nínú ẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí yíìsì bá tú jáde ló ń fẹ bàlúùn. Wọ́n á wá fi òwú yí bàlúùn ká, wọ́n á fi rúlà wọn òwú náà.

Nígbà tí olùkọ́ ka ìjábọ̀ Abẹ́rẹ́, orí ẹ̀ wú. Gbólóhùn tò, ìdí tẹ̀lé ọ̀rọ̀, kò sí ibi tó ti kọsẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì tó ń wá kiri láti ọjọ́ tó ti pẹ́ ló rí, ojú ẹ̀ ò sì kúrò lára Gẹ̀ẹ́sì náà. Ó gbójú fo àwọn nọ́ńbà, ó máàkì ẹ̀, ó fi ránṣẹ́.

Olùyẹ̀wò fúnra ẹ̀ ló wá, bàbá àgbàlagbà kan tí ohùn ẹ̀ kì í ròkè. Ó pe olùkọ́ àti Abẹ́rẹ́ sínú láàbù, ó gbé ìjábọ̀ náà síwájú wọn.

"Màdáámù, ẹ wo ibí yìí. Ó kọ ọ́ pé bàlúùn inú omi tó gbóná jù ló wú jù. Ohun alààyè ni yíìsì. Irú ooru yẹn á pa á. Ṣé òkú ń mí ni?"

Olùkọ́ wo nọ́ńbà náà. Ṣé òun náà ò mọ̀ ni? Ó mọ̀ ọ́n dáadáa.

"Ọmọ mi," bàbá náà yíjú sí Abẹ́rẹ́, "kí lo rí gan-an? Sọ ọ́ ní Yorùbá."

"Ti inú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ló wú jù, sà. Ti inú omi gbígbóná kàn gbéra díẹ̀, kò wú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo tún un ṣe, nǹkan kan náà ni. Mo wá rò ó pé bóyá ooru ti pa yíìsì náà."

"Kí ló dé tó ò kọ bẹ́ẹ̀?"

"Mi ò ríbi kọ ọ́ sí, sà. Ìwé ní kí n kọ ọ́ pé ó ń pọ̀ sí i. Mo rò pé èmi ni mo ṣe é bàjẹ́. Mo wá kọ nọ́ńbà tó bá ìwé mu."

Olùkọ́ fọwọ́ bo ẹnu. Nígbà tó kọ́kọ́ ṣe ìwé yẹn, ọ̀nà méjì ló wà ní ìparí: "tọ̀nà" àti "kò tọ̀nà, nítorí ohun tí mo rí yàtọ̀". Ó tún fi ìlà kan síbẹ̀ fún ohun tí èèyàn ò retí. Ṣùgbọ́n ó gùn wọ ojú ewé kejì, ọ̀gá ilé ìwé ń kùn pé wọ́n ń fi bébà ṣòfò, òun olùkọ́ náà sì rò pé á máa dà rú mọ́ àwọn ọmọ lójú. Ló bá gé e kúrò. Àṣé òtítọ́ ọmọ ọlọ́mọ ló gé dànù.

"Òfin sọ pé ká fagi lé e," olùyẹ̀wò wí. "Ẹni tó bá yí nọ́ńbà padà, kò ní máàkì. Ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ yìí sọ dáa. Ìwé funfun rèé. Kó kọ ohun tó sọ fún mi yìí lédè Gẹ̀ẹ́sì. Bí ò tiẹ̀ gún, tó bá ṣáà ti yé mi, màá gbà á."

"Ẹ jẹ́ kí n fún un ní ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn, ẹ jọ̀ọ́ sà."

"Rárá, màdáámù. Tiẹ̀ ló gbọ́dọ̀ jẹ́."

Abẹ́rẹ́ jókòó. Ó kọ àkọlé, ó fa ìlà sábẹ́ ẹ̀. Ó wá dúró. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kọ́ ọmọ rìn rí, ẹ mọ̀ ọ́n: èèyàn á di ọwọ́ méjèèjì mú, á jọ̀wọ́ ọ̀kan, á wá fi ọmọ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló yẹ kó rí pẹ̀lú ìwé alálàfo. Tó bá yá, a ó yọ gbólóhùn kúrò, a ó fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ sílẹ̀, títí ìwé á fi ṣófo tí ọmọ á sì dá dúró. Olùkọ́ mọ èyí. Ṣùgbọ́n àwọn ìjábọ̀ ń dùn ún kà, ọjọ́ tó máa jọ̀wọ́ ọmọ ò wá dé.

Abẹ́rẹ́ gbójú sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nìkan."

Bàbá náà wo ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu olùkọ́, ó deyín mọ́ ọn títí àgbọ̀n fi ń ro ó. Ó ń gbàdúrà pé kí ọmọ náà ṣáà kọ ohunkóhun, kó tiẹ̀ kọ ìkọkúkọ. Bírò ò mira. Nígbà tó ṣe, olùyẹ̀wò na ọwọ́ gba ìwé náà, ó kí wọn, ó lọ. Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé, àwọn àgbà wí. Lọ́jọ́ yẹn, ìka tí ò ṣẹ̀ ni wọ́n gé.

Olùkọ́ fẹ́ bẹ ọmọ náà. Abẹ́rẹ́ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Àǹtí, ẹ má bínú pé mo dójú tì yín."

"Kì í ṣe ìwọ, ọmọ mi. Èmi ni."

Ó dà bíi pé Abẹ́rẹ́ ò gbọ́. Ojú ẹ̀ wà lórí tábìlì, níbi tí ìwé alálàfo tí wọn ò tíì lò tò jọ sí.

"Àbúrò mi ń bọ̀ wá sí kíláàsì yín lọ́dún tó ń bọ̀, òun náà ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ jọ̀ọ́ Àǹtí, ṣé mo lè mú ẹyọ kan lọ fún un, kó ti máa há a sórí?"