Nọ́ńbà Gift

Láti ọjọ́ tí lẹ́tà bọ́sà, akápò ilé-ìwé Gift, ti dé láti Ìkàrẹ́ ni oorun ti dá lójú Ìyá Àwẹ̀ró l'Ọ́kà. Bọ́sà ní ọmọ kọ̀ọ̀kan ti ní nọ́ńbà tirẹ̀. Bí òbí bá ti fi í sí owó tó ń san ní báǹkì, ilé-ìwé á mọ ọmọ tó ni owó, kò sídìí láti gbé téélà, ìwé ẹ̀rí báǹkì, wá mọ́.

Bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tó bá gbé téélà lọ nìkan ni wọ́n ń jẹ́ kí Ìyá Àwẹ̀ró wọlé rí Gift, ọmọ ọmọ rẹ̀ tó wà ní bọ́dìn. Ilé rẹ̀ dá páropáro. Bó bá gbàdúrà láàárọ̀, òun náà ló ń ṣe àmín.

Ó sanwó, kò fi nọ́ńbà sí i. Ó gbé téélà, ó wọkọ̀ lọ sí Ìkàrẹ́.

Bọ́sà gba téélà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ìyá, owó yín wọlé, a ò kàn mọ ọmọ tó ni ín ni. Àbí ẹ ò rí nọ́ńbà nínú lẹ́tà?"

"Mo rí i, ọmọ mi."

"Kí ló wá dé tí ẹ ò fi sí i?"

"Bí mo bá fi sí i, kí ni n bá wá ṣe níbí? Ojú lọ̀rọ̀ wà."

Bọ́sà ní kí wọ́n lọ pe Gift wá.

"Ní táàmù tó ń bọ̀ ńkọ́, Ìyá?"

"N ó tún gbàgbé."