Orí Tó Bo Tábìlì Èlé

Lọ́jọ́ tí ìyá télọ̀ kan yá ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún náírà nílé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, tí wọ́n ní ó lè san gbogbo ẹ̀ pọ̀ lópin ọdún, ó fi fóònù ya tábìlì èlé, ìwé tó ń fi èlé oṣooṣù hàn, tó wà lára ògiri. Àbúrò rẹ̀ tó ń fi alùpùpù kérò, tó fi alùpùpù náà ṣe onídùúró fún un, ti orí bọ inú fọ́tò, ó kó eyín síta. Oṣù kìíní nìkan ló hàn: ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ti gorí owó. Orí àbúrò bo ìyókù.

Télọ̀ wá ń fi ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ro oṣù kọ̀ọ̀kan. Nígbà tọ́dún pé, ó gbé ẹgbẹ̀rún lọ́nà okòólérúgba sílẹ̀ níwájú akọ̀wé, inú ẹ̀ dùn.

Akọ̀wé ní, "Ó kù o, màmá. Gbogbo gbèsè yín ti lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún."

"Irọ́ ni! Ṣé ojú mi fọ́ ni? Mo ní fọ́tò!"

"Màmá, ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo gbèsè là ń kà lóṣooṣù. Èlé tẹ́ ò san ń di ara owó, òun náà á tún bí èlé."

Ohun tó ṣẹ́ kù fẹ́ẹ̀ tó iye tó kọ́kọ́ yá, bíi pé kò san kọ́bọ̀.

Télọ̀ wo fọ́tò náà. Àbúrò ẹ̀ ṣì ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ télọ̀, àbúrò kan náà ń gbé kọ́kọ́rọ́ alùpùpù lé orí tábìlì akọ̀wé, kò wojú ẹ̀gbọ́n ẹ̀.