Ọ̀rọ̀ Méjì Lẹ́yìn Orúkọ Gbọ̀ngàn

Onífídíò ni gbogbo àdúgbò ń pè é, títí kan ìyá tó bí i. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ́, kò sẹ́ni tó lè bá a jiyàn lórí ìyẹn. Àmọ́ bí ẹni ń pọn omi sínú apẹ̀rẹ̀ ni gbogbo làálàá rẹ̀ rí. Ó ti gbé fídíò ìgbéyàwó mẹ́ta sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó sì fún wọn lákọlé tó dùn ún létí: “Ìfẹ́ Tí Kì Í Ṣá”, “Ọjọ́ Tí A Ti Ń Dúró Dè”, àti irú wọn. Àwọn tó wà ní òkè òkun wò wọ́n, wọ́n ní ó dára, wọ́n bá tiwọn lọ. Nínú ìlú tó ń gbé gan-an, kò sí ìyàwó kan tó pè é.

Aya rẹ̀ ló la ọ̀rọ̀ náà yé e. Kéèkì ìgbéyàwó ni aya ń ṣe, yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀ sì ni ààrò rẹ̀ wà.

“Olówó orí mi, ta ló máa jókòó tẹ ‘Ìfẹ́ Tí Kì Í Ṣá’ nígbà tó bá ń wá ẹni tó máa ya ìgbéyàwó òun? ‘Kéèkì ìgbéyàwó’ ni wọ́n ń tẹ̀ tí wọ́n fi ń rí mi, wọ́n á fi orúkọ ìlú tẹ̀ lé e. Wọn ò mọ̀ mí rí. Ẹ kọ ohun tí wọ́n ń wá, ẹ yéé kọ orin.”

Kò pẹ́ sígbà náà ni àbúrò Onífídíò obìnrin, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo, ṣe ìgbéyàwó. Onífídíò ní òun ò ní ẹ̀bùn míì ju iṣẹ́ òun lọ. Ó ya gbogbo rẹ̀, ó wá gé e kúrú sí fídíò ìṣẹ́jú mélòó kan tó fi orin sí lábẹ́. Ohun tó fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni àbúrò rẹ̀ nínú yàrá ìmúra, nínú aṣọ funfun, tó dojú kọ fèrèsé. Ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ bọ́ sí i lẹ́rẹ̀kẹ́. Omijé kan yọ lójú rẹ̀, ó rọra ń ṣàn bọ̀, Onífídíò sì tún mú kí fídíò náà falẹ̀ níbẹ̀ débi pé ẹni tó bá ń wò ó á gbàgbé láti mí. Àwòrán yẹn náà ló fi ṣe ojú fídíò, èyí tí èèyàn máa rí kó tó tẹ̀ ẹ́.

Tọkọtaya náà jókòó ti kọ̀ǹpútà láti kọ àkọlé. Wọ́n fi “Fídíò Ìgbéyàwó” ṣáájú, wọ́n kọ orúkọ ìlú, wọ́n kọ orúkọ gbọ̀ngàn, torí fóònù máa ń gé ìdí àkọlé tó bá gùn. Onífídíò wá fa ìlà kékeré kan, ó kọ “Omijé Ayọ̀” sẹ́yìn rẹ̀.

“Orin yẹn náà tún ni,” ni aya rẹ̀ wí.

“Jẹ́ n fi èyí ṣe sàárà fún ara mi.”

Wọ́n bọ́ sí àlàyé ìsàlẹ̀. Ìlà àkọ́kọ́ nìkan ni èèyàn máa rí láìtẹ nǹkan kan, nítorí náà ibẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé àwọn ń ya fídíò ìgbéyàwó ní ìlú yìí àti agbègbè rẹ̀, wọ́n sì fi nọ́ńbà tí èèyàn lè pè síbẹ̀. Onífídíò kọ “onífídíò tó dára jù lọ”, aya rẹ̀ pa á rẹ́. “Gbogbo ayé ló dára jù lọ,” ló sọ. Wọ́n wá to orúkọ àwọn tó ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà: olówó gbọ̀ngàn, olódòdó, ẹni tó ṣe ojú ìyàwó lẹ́wà, alákéèkì. Olúkúlùkù wọn máa fẹ́ pín in fún oníbàárà tirẹ̀. Lábẹ́ ìyẹn ni wọ́n kọ ibi tí ìmúra, ẹ̀jẹ́ àti ijó ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹni tó ń kánjú lè fò síbẹ̀. Ìlà kan tí Onífídíò dá kọ ló kẹ́yìn: “Ẹ wo bí ìyàwó ṣe sunkún ayọ̀ kó tó jáde lọ bá ọkọ rẹ̀.”

Fídíò yẹn ló ṣílẹ̀kùn. Àwọn ìyàwó ìlú náà bẹ̀rẹ̀ sí í pè. Alábòójútó gbọ̀ngàn, tó jẹ́ àbúrò bàbá ọkọ àbúrò Onífídíò, ń fi fídíò náà han gbogbo ẹni tó bá wá wo gbọ̀ngàn. Á gbé fóònù sí wọn lójú, á ní, “Ẹ pe ọmọkùnrin yìí. Mọ̀lẹ́bí wa ni.”

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àbúrò rẹ̀ wọlé wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ti rù sí i. Ó dúró lẹ́bàá tábìlì, kò jókòó.

“Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kí ẹ bá mi yọ nǹkan kúrò lára fídíò yẹn.”

“Èwo nínú rẹ̀? Ibi tí o ti jó ni, àbí?”

“Omijé Ayọ̀. Ẹ fi fídíò sílẹ̀. Ẹ fi orúkọ gbọ̀ngàn sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì péré.”

Onífídíò rẹ́rìn-ín. “Ọ̀rọ̀ méjì yẹn ló ń bọ́ wa o. Ṣé ìwọ àti ọkọ rẹ ń jà ni?”

Àbúrò rẹ̀ ń wo kámẹ́rà tó wà lórí pẹpẹ. “Ẹ ò bi mí rí pé kí ló pa mí lẹ́kún.”

“Ìyàwó wo ni kì í sunkún? Jẹ́ kí àkókò tí ìgbéyàwó pọ̀ yìí kọjá ná, a máa wò ó.”

“Ó dáa,” ni ọmọbìnrin náà sọ, ó gbé báàgì rẹ̀, ó sì jáde.

Aya Onífídíò yọjú láti ẹ̀yìn, ìyẹ̀fun wà lọ́wọ́ rẹ̀. “Ohun tí wọ́n fi ń rí yín wà níwájú àkọlé. Bí ẹ bá yọ ti ẹ̀yìn, kò sí ohun tó máa ṣe é.”

“Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń mú wọn tẹ̀ ẹ́.”

“Ojú àbúrò yín ló ń mú wọn tẹ̀ ẹ́.”

Ó ṣe bí ẹni pé kò gbọ́. Àkọlé àkọ́kọ́ tó kọ tó mú èrè wá fún un rèé, ó sì ti fẹ́ràn rẹ̀ bí ẹni fẹ́ràn ọmọ.

Oṣù yẹn kò tíì parí tí àbúrò rẹ̀ fi kẹ́rù padà sílé bàbá wọn. Àwọn àna tẹ̀ lé e. Gbogbo wọn pé sí pálọ̀, wọ́n to àga yíká. Ó sọ pé ọkọ òun ń lu òun. Ó ní kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó ṣègbéyàwó ló ti ń lu òun, òun sì sọ ọ́ lọ́jọ́ ìgbéyàwó gan-an, kò sẹ́ni tó dá òun lóhùn. Ìyá wọn tẹjú mọ́lẹ̀. Ọkọ ká ara jọ sórí àga, ó ń fọwọ́ pa orúnkún bí ẹni tí wọ́n purọ́ mọ́.

Ìyá ọkọ kò pariwo. Ó mú fóònù jáde, ó wọ awò ojú rẹ̀, ó kà á sókè, ó rọra ń kà á bí ẹni ń ka ìwé mímọ́: “Omijé Ayọ̀. Ẹ wo bí ìyàwó ṣe sunkún ayọ̀ kó tó jáde lọ bá ọkọ rẹ̀.” Ó gbójú sókè. “Ṣé èmi ni mo kọ ọ́? Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí wọ́n jọ mu ọmú kan náà ló kọ ọ́.”

Gbogbo ojú yí sí Onífídíò. Alábòójútó gbọ̀ngàn ló bi í. “Ìwọ lo kọ ọ́?”

“Èmi ni, sà.”

“Ṣé irọ́ lo kọ?”

Àbúrò rẹ̀ ń wò ó. Onífídíò mọ̀ pé bí òun bá ní irọ́ ni, irọ́ náà ni ọkùnrin yìí ti ń fi han oníbàárà lójoojúmọ́.

“Ohun tí mo rí ni mo kọ.”

Bàbá wọn mí kanlẹ̀. Ó ní ahọ́n àti eyín pàápàá ń jà, kí ọmọ òun máa bá ọkọ rẹ̀ lọ, kí ọkọ náà sì kó ara rẹ̀ níjàánu. Ọmọbìnrin náà dìde. Nígbà tó dé iwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní, “Ẹ ṣeun, Bọ̀ọ̀dá mi.”

Lọ́jọ́ kejì, Onífídíò jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, iṣẹ́ kò lọ. Ó ṣí ibi tó kó gbogbo ohun tó yà lọ́jọ́ ìgbéyàwó náà sí. Kámẹ́rà kan wà lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta nínú yàrá ìmúra, òun fúnra rẹ̀ ló fi í síbẹ̀ tó jáde lọ to kámẹ́rà ti gbọ̀ngàn. Àwòrán rẹ̀ nìkan ló ti lò, torí orin ló máa gba ipò ohùn. Kò fetí sí i rí. Ó wọ ẹ̀rọ ìgbọ́hùn sétí.

“Mọ́mì, ó tún gbá mi létí lánàá. Mi ò lọ mọ́.”

Ohùn ìyá wọn ló tẹ̀ lé e. “Àwọn èèyàn ti jókòó. Ojú ta lo fẹ́ kí n fi wò wọ́n? Ọkùnrin máa ń gbóná, tó bá yá, á rọ̀. Nu ojú rẹ.”

Ilẹ̀kùn dún. Ohùn kẹta wọlé, ó yá mọ́ni, ó kún fún iṣẹ́. Ohùn tirẹ̀ ni.

“Má nù ún o, má nù ún. Ìmọ́lẹ̀ yẹn dára. Wo ọ̀nà fèrèsé fún mi. Ẹ̀n-ẹ́n. Dúró bẹ́ẹ̀.”

Ó rántí rẹ̀ wàyí. Ó tiẹ̀ ti fi ṣe ìyangàn fún aya rẹ̀ rí, pé ojú òun ló yá tí omijé yẹn kò fi ṣòfò.

Ó ṣí àkọlé, ó pa ọ̀rọ̀ méjì náà rẹ́, ó pa ìlà ìsàlẹ̀ rẹ́. Kò pẹ́ rárá, kò sì le. Ó wò ó, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó bá gbé gbogbo fídíò náà pa mọ́ kí ẹnikẹ́ni má lè rí i mọ́. Ó fi ohùn náà sórí fóònù, ó wá lọ bá ìyá wọn. Ìyá gbọ́ díẹ̀ nínú ohùn náà, ó di fóònù mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

“Ọmọ mi, má jẹ́ kí bàbá yín gbọ́ èyí. Ṣé wàá tìtorí ẹnì kan bà mí jẹ́?”

Onífídíò gba fóònù rẹ̀ padà. Ó kọjá sí ilé ọkọ àbúrò rẹ̀, wọ́n ní ọmọbìnrin náà kò sí níbẹ̀. Ó ti jáde láàárọ̀ pẹ̀lú báàgì kan, kò sì sọ ibi tó ń lọ.

Alábòójútó gbọ̀ngàn pè é lọ́sẹ̀ náà. “Fídíò yẹn dà? Mo ń wá a, mi ò rí i.”

“Mo ti gbé e kúrò, sà. Irọ́ ni mo kọ sí i.”

“Ṣé bí o ṣe sọ ọ́ nínú pálọ̀ nìyẹn?”

“Rárá, sà.”

“Ó dáa náà. Onífídíò pọ̀ nílùú.” Láti ọjọ́ yẹn, kò rán ẹnikẹ́ni sí i mọ́.

Onífídíò pe nọ́ńbà àbúrò rẹ̀ títí, kò lọ. Ó ti tó ìgbà díẹ̀ kí ìpè náà tó wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ọmọbìnrin náà gbé e. Ọkọ̀ ń kọjá níbi tó wà.

“Mo ti yọ ọ́,” ni Onífídíò wí.

“Mo rí i pé kò sí níbẹ̀ mọ́.”

“Mo gbọ́ ohùn tó wà nínú rẹ̀. Gbogbo ohun tí o sọ, mo gbọ́ ọ.”

“Èmi náà gbọ́ ọ, Bọ̀ọ̀dá mi,” ni àbúrò rẹ̀ dáhùn. “Mo wà níbẹ̀.”

Ó pa fóònù. Nígbà tí Onífídíò tún pè é, wọ́n ní nọ́ńbà náà kò sí mọ́.